Tíìkì Búlúù àti Orúkọ Mọ́mì Mi

Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà, láti Hansfield ní Dublin, mò ń lọ síbi iṣẹ́, nígbà tí fóònù gbọ̀n nínú àpò mi. Mo kà á, mo tún un kà. Ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù tí péèjì wa wà lórí rẹ̀ ní àwọn ti yẹ ìbéèrè wa wò, pé péèjì náà kò tíì kún ojú òṣùwọ̀n fún tíìkì búlúù, àmì tó ń jẹ́rìí pé péèjì kì í ṣe ayédèrú, pé a lè tún gbìyànjú lẹ́yìn oṣù kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Mo dìde lórí ìjókòó bí ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí mò ń lọ ṣì jìnnà. Mo di irin mú, mo dúró bẹ́ẹ̀ títí a fi wọ ìlú. Ara mi kò gba ìjókòó mọ́.

Péèjì Mọ́mì mi ni. Láràárọ̀, kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó jáde nílé, Mọ́mì máa ń jókòó sí ìdáná wa ní Ongar, wọ́n á gbé fóònù ti ìgò oyin, wọ́n á máa gbàdúrà lórí láìfù. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru máa ń gbọ́ wọn nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn awakọ̀ takisí náà ń gbọ́ wọn, àti àwọn ìyá tó ń di oúnjẹ ọmọ sínú báàgì. Kò sí ẹni tó ń pe Mọ́mì lórúkọ. "Mọ́mì Wa" ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, ohun náà la sì kọ sórí péèjì. Nínú fọ́tò tó wà níbẹ̀, Mọ́mì wé gèlè kan tó fẹ̀ dé etí fọ́tò méjèèjì, a sì fi lẹ́tà wúrà kọ àkókò àdúrà sí abẹ́ àgbọ̀n wọn. Èmi ni mo ṣe fọ́tò náà, inú mi sì dùn sí i.

Ẹnìkan tí a kò mọ̀ wá jí gbogbo rẹ̀ gbé. Ó ṣí péèjì tirẹ̀, ó fi gèlè Mọ́mì sí i, ó fi orúkọ "Mọ́mì Wa" sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn èèyàn ní kọ̀rọ̀ pé Ẹ̀mí ní kí wọ́n fi owó fúnrúgbìn. Èmi rò pé kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Àṣé ó ti mú ẹnìkan, ẹni náà sì ni ẹni tí ó yẹ kó ṣòro jù lọ láti mú.

Ìyá Adamstown la máa ń pe ẹni náà nílé wa, nítorí àdúgbò yẹn ló ń gbé. Agbo ilé kan náà ni òun àti Mọ́mì dàgbà sí ní Ìbàdàn, ó sì fi ọdún bíi mélòó kan ju Mọ́mì lọ. Nígbà tí ìyá mi àgbà kú, Ìyá Adamstown nìkan ló ṣẹ́ kù láyé tó lè la ẹnu pe Mọ́mì mi lórúkọ gangan, láìfi "Mọ́mì" tàbí "Ìyá" ṣíwájú. Bàbá mi pàápàá, nígbà tí wọ́n wà láyé, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Èmi náà kò ní kọ orúkọ yẹn síbí. Ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà là jáde, nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti máa ń ra iṣu ní Moore Street. Mọ́mì rí Ìyá Adamstown níwájú, wọ́n sáré tẹ̀ lé e, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ láàárín àwọn àpò gàrí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o."

Ìyá Adamstown kò dá wọn lóhùn kíkí. Ó pè wọ́n lórúkọ, ó ní, "Ṣé o ti ṣínu àwẹ̀ ẹ báyìí?"

"Àwẹ̀ wo, mà?"

"Àwẹ̀ ìdákẹ́jẹ́. Èyí tó o ní kí n má pè ẹ́ lórí fóònù títí o fi máa parí ẹ̀. Mo fúnrúgbìn bó o ṣe ní kí n ṣe é. Láti ọjọ́ náà, a jọ ń rí ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, o ò ní 'ẹ ṣé', o ò ní 'mo rí i'."

Mọ́mì búra pé kì í ṣe àwọn. Wọ́n fi Bíbélì búra, wọ́n fi èmi búra. Ìyá Adamstown yọ fóònù jáde, ó nà án sí wọn lójú. "Fọ́tò ẹ rèé. Gèlè ẹ rèé. 'Ẹ̀gbọ́n mi' lo pè mí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń fi ẹ́ ṣeré, kí ló dé tí tìẹ gan-an ò ní tíìkì búlúù? Àwọn tí wọ́n ń jí fọ́tò wọn máa ń ní in, kéèyàn lè dá wọn mọ̀." Ó sanwó iṣu rẹ̀, ó jáde. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Nígbà tí a ń to ọjà sínú press, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, Mọ́mì ní, "Lọ bá mi wá tíìkì yẹn." Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Wọ́n wò mí tìbínú-tìbínú. "Orí fóònù ni irọ́ yìí wà. Ọkọ̀ òfúrufú ló wọ̀. Òótọ́ tèmi ṣì ń dúró de bọ́ọ̀sì."

Mo wá kọ ìbéèrè náà. Ó béèrè orúkọ kíkún, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìwakọ̀, irú iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe, orúkọ mìíràn tí a mọ̀ ọ́n sí, àti àwọn líǹkì ìròyìn tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ orúkọ Mọ́mì, ìka mi ń lọ́ra. N kò fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ rí. Ojú tì mí bí ẹni tó já wọ yàrá ìyá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Mo fi líǹkì mẹ́ta sí i, mo fi í ránṣẹ́, mo sì ń yẹ fóònù wò ní gbogbo ìgbà: nídìí iṣẹ́, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ní ìlà níbi tí wọ́n ti ń sanwó ọjà. Ìdáhùn tí mo gbà nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ọmọ ìjọ wa obìnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bójútó péèjì àwọn olórin. Dublin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì. Mo gbé fóònù mi fún un lẹ́yìn ìsìn, níbi tí a ti ń to àga.

"Auntie, who wrote these?" ó béèrè, ó ń wo àwọn líǹkì mi.

Mo sọ fún un. Àkọ́kọ́ wá láti orí ìkànnì ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìkíni ọjọ́ìbí Mọ́mì ni. Èkejì wá láti ọwọ́ oníbúlọ́ọ̀gì kan ní Èkó tí a sanwó fún, ó sì ti kọ ọ́ sísàlẹ̀, lẹ́tà tíntìntín, pé ìpolówó ni. Ẹ̀kẹta ni fídíò tí Mọ́mì fúnra wọn ṣe.

"So that's herself, herself and herself," ó wí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bó ṣe rí ló sọ ọ́. "They want other people talking about her, like. Newspapers, radio. A few of them, and nobody paid."

Mo ní ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń tẹ̀ lé Mọ́mì. Ó mi orí. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó ń yẹ ìbéèrè wò kì í fi èrò ẹ̀yìn ṣèdájọ́. Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni tó wà lórí ìwé ìdánimọ̀ ni ẹni tó ni péèjì. Lẹ́yìn náà, á wò ó bóyá péèjì ọ̀hún ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, bóyá ó ní fọ́tò àti àlàyé ṣókí, bóyá ẹni tó ni ín ń lò ó. Á wá orúkọ náà nínú ìròyìn, á wò ó bóyá àwọn tí kò jẹ ẹni náà ní gbèsè ọpẹ́ kankan ti kọ nǹkan nípa rẹ̀. Ó ní, "If they search her and get nothing, she's nobody. No offence to Mummy."

Inú mi bàjẹ́ sí gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníròyìn kiri. Mo kọ̀wé sí ìwé ìròyìn àdúgbò, mo kọ̀wé sí rédíò, mo tún kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà lẹ́ẹ̀kan sí i bí ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún súìtì. Wọ́n wá rán oníròyìn obìnrin kan, ọmọ ilẹ̀ Ireland, sí ilé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. N kò sí nílé, mo wà níbi iṣẹ́. Mọ́mì ní ó dára, ó níwà, ó jẹ àkàrà mẹ́rin. Ìròyìn náà jáde, ó kún, ó sì dùn. Mo ń kà á lọ, inú mi ń dùn, títí mo fi rí i pé mo ti dé ìsàlẹ̀. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, obìnrin kan tí gbogbo èèyàn kàn ń pè ní Mummy ni wọ́n kọ. Orúkọ Mọ́mì kò sí níbẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé kò bi yín léèrè orúkọ yín ni?"

"Ó bi mí. Mo ní kó kọ Mọ́mì Wa. Ọmọ kékeré ni. Ṣé kó wá máa pe orúkọ mi nínú ìwé ìròyìn ni?"

Mo bẹ oníròyìn náà, ó sì fi orúkọ náà sí èyí tó wà lórí ayélujára. Ìròyìn ẹyọ kan ṣoṣo ni, àwọn tó ń yẹ ìbéèrè wò sì fẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí oṣù pé, mo tún fi ìbéèrè ránṣẹ́. Wọ́n tún kọ̀ wá, ọ̀rọ̀ kan náà, ní gbólóhùn kan náà. Ó wá yé mi pé gbogbo ọ̀wọ̀ tí a ti bù fún Mọ́mì láti ọdún pípẹ́ wá ló bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀. Kò sí olùjọsìn kan tó kọ orúkọ yẹn síbìkan rí. Ìwà ọmọlúàbí ni, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Mọ́mì ní àwọn mọ bí àwọn ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ náà kò ní ọ́fíìsì ní Dublin yìí ni? Ó ní ọ́fíìsì níbẹ̀. Ilé onígíláàsì létí odò. Wọ́n wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n mú pásípọ́ọ̀tù, wọ́n mú ìwé ìgbéyàwó, wọ́n mú ìwé ìròyìn náà, wọ́n sì di àkàrà sínú ike fún ẹni tó bá máa dá wa lóhùn. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ẹjọ́ wa dé òpin. Ó tiẹ̀ ka pásípọ́ọ̀tù náà.

"Ah no, love, there's nobody here does that," ó wí. "It's all online. You're grand, though. Lovely picture."

Mọ́mì wo àwọn èèyàn tó ń fi káàdì ṣílẹ̀kùn wọlé. "Nínú gbogbo ilé yìí, kò sí ẹni tó lè wo ojú mi kó ní èmi ni mí?" Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́, n kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Wọ́n fún un ní àkàrà náà.

Ọmọbìnrin ìjọ wa ló tún sọ fún wa pé ọ̀nà kejì wà, èyí tí èèyàn ń sanwó fún lóṣooṣù. Ìyẹn kò béèrè ìwé ìròyìn. Ó kàn ń fẹ́ kí orúkọ àti fọ́tò tó wà lórí péèjì bá ti ìwé ìdánimọ̀ mu ni, kí a sì fi kóòdù kejì kún ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé péèjì náà kí ẹlòmíì má bàa wọ̀ ọ́.

"Wọ́n ń tà á?" Mọ́mì béèrè. "Kí la wá ń sá tẹ̀ lé oníròyìn fún?"

"Two doors, Mummy. Same tick."

A gba ẹnu ọ̀nà kejì, wọ́n tún tì í mọ́ wa lójú. "Mọ́mì Wa" kò sí nínú pásípọ́ọ̀tù. Gèlè àti lẹ́tà wúrà kò sì jẹ́ kí ojú tó yẹ kí wọ́n fi wé ti pásípọ́ọ̀tù hàn dáadáa. Kò sí ọgbọ́n mìíràn mọ́: orúkọ Mọ́mì gangan ló gbọ́dọ̀ jókòó sórí péèjì, pẹ̀lú ojú wọn lásán.

Mo rò pé wọ́n máa kọ̀. Wọ́n rìn láti ìdáná dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n padà, wọ́n tún rìn. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, pé àwọn tó sọ àwọn lórúkọ kò sọ ọ́ fún ìgboro. Wọ́n ní ọmọdé á máa pe àwọn bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n dúró lójú fèrèsé. "Àga Ẹ̀gbọ́n ṣófo ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá náà," wọ́n wí. "Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ya fọ́tò wọn níwájú ògiri, irun wọn funfun, wọn ò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ rárá, tíìkì náà dé. Mo pariwo, Mọ́mì sì fi orin dá mi lóhùn.

Ayọ̀ wa kò tó àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn èèyàn ṣí fóònù, wọ́n rí obìnrin kan tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú irun lásán. "Ta nìyí?" ni wọ́n ń kọ. "Ẹ ṣọ́ra o, wọ́n ti gba péèjì Mọ́mì Wa." Ẹlòmíì ní owó ni gbájúẹ̀ fi ra tíìkì. Ọ̀pọ̀ jáde lọ, àwọn kan sì fẹjọ́ wa sun ilé-iṣẹ́ náà pé ayédèrú ni wá. Ẹnìkan ya àwòrán péèjì wa, ó gbé e sínú gúrúùpù ìjọ, ó fi ìlà pupa yí orúkọ Mọ́mì ká, ó ní kí gbogbo èèyàn sá fún ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí. Ayédèrú gangan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè wa. A ti fi pásípọ́ọ̀tù fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọn ò tíì fèsì. Òun náà bá àwọn èèyàn dá sí i, ó ní, "Ẹ má dá péèjì tuntun yẹn lóhùn, ẹ̀yin ọmọ mi." Inú bí mi gidigidi.

Mo ní ká dá orúkọ àtijọ́ padà kíá. Ọmọbìnrin ìjọ wa ní bí a bá yí i padà, wọ́n á tún un yẹ̀ wò, kò ní bá pásípọ́ọ̀tù mu, tíìkì á sì lọ. Mo bi Mọ́mì kí ni ká ṣe. Wọ́n gbé fóònù ti ìgò oyin, wọ́n jókòó. "Àkókò àdúrà ti tó," wọ́n wí. "Ṣí i."

Díẹ̀ ló wọlé. Mọ́mì kí wọn, ohùn wọn kò rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan kọ ọ́ pé fídíò tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ni èyí. Ẹlòmíì ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn. Mọ́mì gbé pásípọ́ọ̀tù sókè, mo sáré fọwọ́ bo nọ́ńbà rẹ̀. Mò ń rìn káàkiri lẹ́yìn fóònù, mò ń fọwọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n pa láìfù náà.

Ìgbà náà ni ẹnìkan béèrè láti wọlé bá wọn sọ̀rọ̀ lórí láìfù. Mo rí ẹni tó jẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó ronú. Ojú Ìyá Adamstown yọ, ó sún mọ́ fóònù jù, iwájú orí àti jígí ojú rẹ̀ nìkan là ń rí. Ó pe Mọ́mì mi lórúkọ. Ó tún un pè, ó fi oríkì lé e, èyí tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí ìyá mi àgbà ti kú.

"Wọ́n gbé àwòrán kan wá sínú gúrúùpù ìjọ," ó wí. "Wọ́n ní ká sá fún ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí. Mo ní, èwo? Gbájúẹ̀ wo ló mọ orúkọ yìí? Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ní gbogbo Dublin. Èyí tó kọ̀wé sí mi lọ́jọ́sí, kò pè mí ní nǹkan kan ju ẹ̀gbọ́n lọ, kò sì sọ pé òun ń jẹ́ nǹkan kan. Ìwọ ni. Mo ti mọ̀ báyìí pé ìwọ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Mọ́mì wí, wọ́n sì kúnlẹ̀.

Wọ́n kúnlẹ̀ pátápátá lórí ilẹ̀ ìdáná. Fóònù kò rí wọn mọ́. Àga ṣófo ló kù fún àwọn tó ń wò, àti press funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọ ọ́ pé níbo ni Mọ́mì wọlé sí, ṣé kò sí o. Ìyá Adamstown dá wọn lóhùn pé, "Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń kí mi." Mo na ọwọ́ láti fa fóònù wálẹ̀, kí àwọn èèyàn lè rí i pé Mọ́mì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi fóònù sílẹ̀ bó ṣe wà. Mọ́mì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ náà, orúkọ wọn sì wà lókè àga tó ṣófo, pẹ̀lú tíìkì búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.